Ìwé Méjì, Ọwọ́ Kan

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó bá gbọ́ òwe yìí lóréfèé lè rò pé ọ̀rọ̀ ìṣírò lásán ni. Lẹ́yìn ẹ̀fà, ṣebí èje ló kàn, kí ló tún kù? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti bá owó olówó ṣiṣẹ́ rí mọ̀ pé ibi tí ìṣírò parí sí gan-an ni ọ̀rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà mìíràn. Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò nìyí: bí kọ̀ǹpútà bá ń ṣírò owó ẹ̀ka báǹkì kan ní alaalẹ́, tí kò sì rí ìyàtọ̀ kankan rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kalẹ̀, ṣé ká yìn ín ni, àbí ká fura sí i? Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé báǹkì náà ńkọ́, tó bá rí ohun tí kọ̀ǹpútà kò rí, kí ni ojúṣe tirẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ alájọ, nítorí òun ni báǹkì tí ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ mọ̀. Ìyá oníṣòwò tó ń dá àjọ ní káàdì kan lọ́wọ́ tí wọ́n fa ilà sí, ojú kan fún ọjọ́ kan. Alájọ náà ní ìwé tirẹ̀. Bí ìyá bá ti san owó òòjọ́, alájọ á sàmì sí káàdì ìyá, á sì sàmì sí ìwé ara rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí oṣù bá parí, wọ́n á gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, alájọ á yọ owó ọjọ́ kan tí í ṣe owó iṣẹ́ rẹ̀, á sì kó ìyókù fún olówó. Kí ló mú kí ètò yìí ṣeé fọkàn tán? Kì í ṣe pé ìwé jẹ́ méjì nìkan. Ìwé kan ń sùn nílé alájọ, èkejì ń sùn lábẹ́ ìrọ̀rí ìyá oníṣòwò. Bí alájọ bá yí tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò tó tìyá.

Ẹ wá wò ó ná. Ká ní ìyá sọ lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá Alájọ, ẹ kúkú máa bá mi kó káàdì mi lọ, kó má bàa sọnù mọ́ mi lọ́wọ́." Ìwé ṣì jẹ́ méjì. Wọn á máa bá ara wọn mu lóṣooṣù, bóyá wọn á tilẹ̀ bá ara wọn mu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí ti ku ẹyọ kan. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ìwé méjèèjì ṣe ń dọ́gba kò sọ ohunkóhun fún wa mọ́ nípa owó. Ohun tó ń sọ fún wa kò ju pé ẹni kan ṣoṣo ló mú bírò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí káàdì ìyá yìí ló máa ń ṣẹlẹ̀ ní báǹkì, àfi pé ibẹ̀ kì í hàn sójú. Kí ọ̀rọ̀ lè yé wa, ẹ jẹ́ ká fi ṣe ìtàn. Ìtàn ni o, a kò na ìka sí báǹkì kankan. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ inú rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́.

Ẹ̀ka báǹkì kékeré kan wà létí òkun ní agbègbè Àgbádárìgì, lójú ọ̀nà tó lọ sí Sẹ̀mẹ̀. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ti jẹ irin géètì rẹ̀ di pupa. Ẹ̀rọ apọwó kan ṣoṣo ló ní, èyí tí à ń ki káàdì bọ̀ kó tó san owó, wọ́n sì dè é mọ́ ara ògiri lápá ìta. Àwọn oníṣòwò tó ń ti ọjà Àgbálatà bọ̀, àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí ẹnu ibodè, àwọn apẹja, gbogbo wọn ló ń lò ó, pàápàá ní òpin ọ̀sẹ̀ tí báǹkì kì í ṣí. Ọlọ́dẹ ibẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Bàbá. Ó ní àga, ó ní tọ́ọ̀ṣì, ó sì ní ìwé kan tí iléeṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́ fún un pé kó máa kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lóru sí i, pẹ̀lú wákàtí tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ fún un níwèé náà kò ju epo jẹnẹrétọ̀ lọ, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí iná lọ àti ìgbà tí iná dé.

Ní Fúráìdé, lẹ́yìn tí wọ́n ti tilẹ̀kùn, àwọn tó ń tọ́jú owó wá kó owó sínú ẹ̀rọ. Àpótí owó méjì ló wà nínú rẹ̀. Lórí ìwé, wọ́n kó 2,000 ẹyọ bébà ẹgbẹ̀rún náírà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 4 náírà. Òfin ní ènìyàn méjì ni kó máa ṣí ẹ̀rọ náà, kí ọ̀kan mú kọ́kọ́rọ́, kí èkejì sì mọ nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣe rí. Ẹni tó mọ nọ́ńbà fẹ́ tètè bá ọkọ̀ lọ Èkó, ó ti sọ nọ́ńbà náà fún ẹnì kejì rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. Nítorí náà ọwọ́ kan ṣoṣo ló kówó sí i, ọwọ́ náà sì fi 1,800 bébà sínú àpótí kejì dípò 2,000. Owó tó wọlé lóòótọ́ jẹ́ mílíọ̀nù 3 àti 800,000 náírà. 200,000 náírà bá tirẹ̀ lọ sínú àpò.

Ìsinsìnyí ni kí ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ẹ̀rọ apọwó kì í ka owó tí wọ́n kó sínú rẹ̀. Ẹni tó kówó sí i ló ń tẹ iye rẹ̀ sí i lójú pé, "Mo fi 2,000 síbí, mo fi 2,000 sọ́hùn-ún." Láti ibẹ̀ lọ, ẹ̀rọ kàn ń yọ iye tó bá san kúrò nínú iye tí wọ́n sọ fún un ni. Ẹni kan náà yìí ló sì lọ sórí kọ̀ǹpútà báǹkì, tó kọ ọ́ sínú ìwé owó pé mílíọ̀nù 4 ti kúrò ní yàrá ìkówósí, ó ti wọ inú ẹ̀rọ. Ìwé di méjì: ìwé ẹ̀rọ àti ìwé báǹkì. Ní alaalẹ́, láàárín òru, kọ̀ǹpútà olú iléeṣẹ́ á gbé méjèèjì yẹ̀ wò, á sì fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí máníjà. Ohun tí máníjà ń rí lójú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ láràárọ̀ ni `Difference: 0.00`. Ìyẹn ni pé ìyàtọ̀ kò sí, gbogbo rẹ̀ ti báláǹsì.

Ọ̀pọ̀ èèyàn wá gbowó ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Nígbà tó fi máa di alẹ́ Sọ́ńdè, ẹ̀rọ ti san mílíọ̀nù 3 àti 800,000. Ìwé ẹ̀rọ ní ó ku 200 bébà nínú òun. Ìwé báǹkì ní ó ku 200,000 náírà. Wọ́n bára mu rẹ́gí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tó kàn ki káàdì bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ gbọ̀n, ó kùn, ó ní òun kò lè sanwó. Ẹlòmíràn gbìyànjú, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Bàbá dìde lórí àga, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: "9.40 alẹ́. Ẹ̀rọ ní kò sówó mọ́. Èèyàn mẹ́fà padà sílé." Láàárín òru, kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ti máa ń ṣe é. Èsì rẹ̀ ni `Difference: 0.00`.

Ẹ má ṣe rò pé kọ̀ǹpútà purọ́. Kò purọ́ rárá. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n ní kó fi wéra, ó fi wọ́n wéra, wọ́n sì dọ́gba. Ẹ̀rọ apọwó náà kò purọ́: ó pariwo pé òun kò rí bébà fà mọ́. Ṣùgbọ́n ariwo yẹn kì í ṣe owó, nítorí náà kò sí nínú ohun tí wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà olú iléeṣẹ́ máa kà fún ìṣírò yìí. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ló lọ, àwọn yẹn sì rò ó pé bóyá bébà ló há. Nínú gbogbo ìwé tó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹyọ kan ṣoṣo ni ọwọ́ mìíràn kọ. Inú ìwé epo jẹnẹrétọ̀ ló sì wà.

Bó ṣe máa ń parí níbi púpọ̀ ni pé ní Mọ́ńdè, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ọ̀rọ̀, olówó-ẹ̀rọ á ti wá kó mílíọ̀nù 4 tuntun lé e. Á tẹ̀ ẹ́ sí i pé, "Mo fi 4,000 kún 200 tó wà ńbẹ̀." Ìwé á di 4,200, bébà tó wà nínú ẹ̀rọ á jẹ́ 4,000, ihò náà á sì tún wọ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti jẹ́ kí ẹ̀rọ gbẹ mọ́, kò sí ẹni tó máa rí i. Èsì á máa wá lójoojúmọ́ pé ìyàtọ̀ kò sí. Oṣù á máa gorí oṣù, wọn á sì máa yin ẹ̀ka náà pé ìwé rẹ̀ mọ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká bi ara wa pé ta ni nǹkan yìí kọ́kọ́ ṣe níbi. A lè sọ pé báǹkì ni, nítorí owó rẹ̀ ló lọ. Ní tèmi, àwọn olóòótọ́ inú ẹ̀ka náà ló kọ́kọ́ ṣe. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí máa tú, nítorí owó tó lọ kì í padà fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, wọ́n á gbé ìwé jáde, ìwé á sì sọ pé ìyàtọ̀ kò sí ní ọjọ́ kan bí ọjọ́ kan. Tí ìyàtọ̀ kò bá sí nínú ìwé, tí owó sì dín, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú? Ẹni tó ń sùn síbẹ̀ ni. Bàbá tó ń gba owó kékeré lóṣù, tí kò ní kọ́kọ́rọ́, tí kò mọ nọ́ńbà, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Báwo ni yóò ṣe fi hàn pé òun kọ́? Ìwé tí ì bá gbà á sílẹ̀ ti lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ láti sọ pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ìwé tí kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, kò lè dá ẹnikẹ́ni láre.

Ẹ má ṣe sọ pé ìtàn lásán ni. Ní Oṣù Kẹfà ọdún 2015, àjọ EFCC kó àwọn òṣìṣẹ́ Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà àti àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì oníṣòwò lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí àwọn owó bébà tó ti gbó, tó ti ya, tí wọ́n kó jọ sí ẹ̀ka Báǹkì Àpapọ̀ ní Ìbàdàn pé kí wọ́n bà jẹ́ pátápátá kí wọ́n má bàa padà sọ́jà. Àròyé tí àjọ náà gbà ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2014 sọ iye tó lé ní bílíọ̀nù 6.5 náírà. Ẹ̀sùn àjọ náà ni pé wọ́n kó owó gbígbó kúrò nínú àpótí, wọ́n fi ìwé ìròyìn tí wọ́n gé ní ìwọ̀n bébà náírà dí àyè rẹ̀, wọ́n sì dá owó náà padà sáàárín ìlú.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ wò nínú ẹ̀sùn yìí ni ìwé ìròyìn yẹn. Kí ni wọ́n ní wọ́n ń fi gé e ní ìwọ̀n náírà? Ẹni tó kàn fẹ́ jí owó nìkan á kó o sá lọ ni. Ẹni tó ń gé ìwé ìròyìn ní ìwọ̀n náírà fẹ́ kí àpótí tó wà nílẹ̀ bá nọ́ńbà tó wà nínú ìwé mu. Àpótí mélòó ló wà nínú ìwé? Iye kan. Mélòó ló wà nílẹ̀? Iye kan náà. Wọ́n báláǹsì. Àwọn kan náà tí wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ ẹlẹ́rìí sí bíba owó jẹ́ ni ẹ̀sùn náà ń tọ́ka sí. Ìwé méjì ni, ọwọ́ kan ló kọ ọ́. Tí a bá gba ẹ̀sùn yìí bí wọ́n ṣe kà á, ìdọ́gba gan-an ni wọ́n fi bo olè mọ́lẹ̀.

Ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé, "Ó dáa, tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń rí ìyàtọ̀ ló dára, ká kúkú ra èyí tó ń rí i ní gbogbo ìgbà." Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rí ojú ìyẹn náà. Iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ wọn gbé ètò kọ̀ǹpútà kan wọlé ní ọdún 1999 tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Horizon, láti máa ṣírò owó fún àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀ka kéékèèké káàkiri ìlú. Horizon bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé owó dín níbi tí owó kò ti dín. Àwọn ènìyàn yìí ń sunkún pé àwọn kò mú kọ́bọ̀. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni ìwé, ọwọ́ iléeṣẹ́ náà ló sì wà. Àwọn kò ní káàdì kankan lábẹ́ ìrọ̀rí tiwọn. Ní ilẹ̀ náà, ilé ẹjọ́ máa ń gbà pé kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ dáadáa àfi bí ẹnì kan bá lè fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn tó lé ní 900 ni wọ́n dá lẹ́bi láàárín ọdún 1999 sí 2015. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n. Ní ìparí ọdún 2019 ni adájọ́ kan tó sọ pé àṣìṣe wà nínú Horizon lóòótọ́, ọdún 2024 sì ni ìjọba ibẹ̀ tó ṣe òfin láti wọ́gi lé ìdálẹ́bi wọn lápapọ̀.

Ẹ rí i pé àìsàn kan náà ni. Ti Àgbádárìgì inú ìtàn wa kì í rí ìyàtọ̀ rí; ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń rí èyí tí kò sí. Ṣùgbọ́n níbi méjèèjì, wọ́n ti gba bírò lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí kejì. Níbi méjèèjì, ẹni kékeré ló ń jìyà ìdánilójú àwọn ọ̀gá.

Ojúṣe ọlọ́dẹ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Géètì ni wọ́n ní kó ṣọ́, wọn kò ní kó ṣọ́ ìwé owó. Òótọ́ wà nínú ìyẹn. Kò tọ́ kí á di ẹrù ọ̀gá lé orí ọlọ́dẹ, ká wá máa ní òun ló yẹ kó tú àṣírí àwọn tó kàwé. Ẹni tó bá ní kí Bàbá lọ fẹ̀sùn kan òṣìṣẹ́ tó gba owó tó ju tirẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá kò mọ ohun tó ń béèrè. Bó bá sì fẹ̀sùn kàn án tí kò rí ẹ̀rí, òun náà ti ṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojúṣe kan wà tí kò wúwo jù fún un, òun ni pé kó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ní wákàtí tó rí i, kó má ṣe fi kún un, kó má ṣe yọ kúrò nínú rẹ̀. "9.40 alẹ́. Ẹ̀rọ ní kò sówó mọ́." Kò pe ẹnikẹ́ni lólè. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé olè wà. Lóòótọ́, ìwé tirẹ̀ náà kì í ṣe ìwé ọ̀run. Láyé àtijọ́, àwọn iléeṣẹ́ ńlá máa ń fún ọlọ́dẹ ní aago kan tó ń gbé kọ́rùn. Wọ́n á fi ẹ̀wọ̀n so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ògiri ní igun kọ̀ọ̀kan ọgbà, bó bá ti dé igun kan, á fi kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ yí aago náà, aago á sì tẹ wákàtí sórí bébà, kí ọ̀gá lè mọ̀ lọ́jọ́ kejì pé ó rìn yí ká. Kí làwọn kan nínú wọn ṣe? Wọ́n yọ gbogbo kọ́kọ́rọ́ kúrò lára ògiri, wọ́n kó wọn wá sídìí àga, wọ́n ń yí wọn níkọ̀ọ̀kan láìdìde. Bébà aago mọ́ rekete, kò sí ìyàtọ̀ kankan nínú rẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó rìn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá ń fi èdìdì dì í mọ́ ògiri. Ọlọ́dẹ àti ọ̀gá, kò sí ẹni tí ìwé tirẹ̀ nìkan tó láti jẹ́rìí fún.

Nítorí náà, ojúṣe tó wúwo wà lọ́rùn máníjà. Ojúṣe ọlọ́dẹ ni kó kọ ọ́, ojúṣe ọ̀gá ni kó kà á. Ẹ jẹ́ ká parí ìtàn wa báyìí. Ní Mọ́ńdè náà, máníjà, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹ̀ka náà, ní kí wọ́n gbé ìwé epo wá nítorí dísù ti ń tán jù. Ojú rẹ̀ dé orí ìlà 9.40. Ó wo èsì kọ̀ǹpútà, ó tún padà wo ìlà náà. Ó ránṣẹ́ pe Bàbá tó ti ń múra àtilọ sílé.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ó dá yín lójú pé ẹ̀rọ yìí kò lówó mọ́ lálẹ́ àná?"

"Mádáàmù, èmi ò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà o. Ohun tí ojú mi rí ni mo kọ. Èèyàn mẹ́fà ló padà. Ìyá ẹlẹ́ja kan tiẹ̀ bú mi, ó rò pé èmi ni mo ba ẹ̀rọ jẹ́."

Máníjà kò pariwo, kò sì pe ọlọ́pàá. Ó kàn ní kí wọ́n má tíì kó owó tuntun lé ti àtijọ́. Ó pe ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀ ní Fúráìdé, ó ní, "Ẹ ṣí i, ẹ ka ohun tó kù." Ìwé ní 200 bébà. Nígbà tí wọ́n ṣí àpótí méjèèjì, wọn kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ọjọ́ náà ni ẹ̀ka yẹn kọ́kọ́ ní ìyàtọ̀. Ọjọ́ náà náà ni Bàbá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn tí kò tíì mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Ẹni tó bá ń bójú tó owó ẹgbẹ́, owó ìjọ, owó ọjà tàbí owó báǹkì lè dán ìwé tirẹ̀ wò láìná owó púpọ̀. Kí ó kọ́kọ́ mọ̀ọ́mọ̀ fi ìyàtọ̀ sí i. Kí òun àti ẹni tó ń yẹ ìwé wò yọ 1,000 náírà kan kúrò, kí wọ́n kọ ọ́ sínú àpòòwé, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì máa retí rẹ̀. Bí èsì bá tún dé pé ìyàtọ̀ kò sí, wọ́n ti mọ irú ẹlẹ́rìí tí wọ́n ní. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ó béèrè ibi tí àwọn ìyàtọ̀ kéékèèké ń lọ. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí wọ́n ti kọ́ pé bí ìyàtọ̀ bá kéré sí iye kan, kí wọ́n tì í sínú àkáǹtì kan tí wọ́n fi ń dúró de àlàyé, kí wọ́n wá sọ pé gbogbo rẹ̀ báláǹsì. Ẹ béèrè pé èló ló wà nínú àkáǹtì náà, ẹ sì béèrè pé èyí tó pẹ́ jù níbẹ̀ ti lo oṣù mélòó.

Àwọn kan á sọ pé irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ń dójú ti àwọn olóòótọ́. Mo rò pé òdìkejì rẹ̀ ni. Kaṣíà tó ń fi ọwọ́ ka owó ní gbogbo ọjọ́ máa ṣì í kà lọ́jọ́ kan, yóò dín, tàbí yóò lé. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ìwé rẹ̀ bá fi hàn pé ó dín 500 náírà ní Túsìdeè, tó sì wá àlàyé rẹ̀ rí ní Wẹ́sìdeè, ìwé yẹn ti jẹ́rìí sí i fún gbogbo ọjọ́ yòókù tí kò dín. Kò sí ìwà olóòótọ́ kankan nínú ọdún mẹ́ta tí kò sí ìyàtọ̀ rárá. Ó lè jẹ́ ọwọ́ mímọ́ lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ ìwé ìròyìn tí wọ́n gé ní ìwọ̀n náírà. Kò sí ẹni tó lè mọ èyí tó jẹ́, títí kan ẹni tó mọ́ lọ́wọ́.

Iye owó ìwé epo jẹnẹrétọ̀ kò tó nǹkan. Bí máníjà bá fẹ́ kó wúlò, kó máa kà á láràárọ̀ kó tó ṣí kọ̀ǹpútà, kó sì máa bi ẹni tó kọ ọ́ pé, "Bàbá, kí lẹ rí lóru àná?"